Nadiia kì í ṣe Hope: àkọsílẹ̀ fáìlì kan tí wọ́n dá padà

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì tó dá fáìlì náà padà kọ sí i: orúkọ inú ìtumọ̀ kò bá orúkọ inú ìwé ìrìnnà mu. Obìnrin ará Yukiréènì kan ló ni fáìlì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù ìbéèrè ní èdè ìlú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ fi fóònù ya ojú ìwé méjèèjì, ògbufọ̀ kan sì túmọ̀ ohun tó rí nínú fọ́tò sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n kọ̀ ìtumọ̀ yẹn, ọkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tó kàwé lọ́hùn-ún, kó gbogbo rẹ̀ wá bá àwa ògbufọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, kí n sì tún un ṣe.

Orúkọ àti àdírẹ́sì tí n ó lò níhìn-ín kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti pààrọ̀ wọn, àmọ́ mo rí i dájú pé àwọn lẹ́tà tó dá wàhálà sílẹ̀ gan-an wà nínú wọn. Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù nìyí:

```
Прізвище: ЗГУРСЬКА
Ім'я: НАДІЯ
По батькові: ЮРІЇВНА
Адреса: м. Харків, вул. Садова, буд. 14-В, кв. 37
```

Ohun tí ògbufọ̀ àkọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sì nìyí:

```
Surname: ZHURSKA
First name: HOPE
Middle name: YURIIVNA
Address: Kharkov, 14-B Garden Street, Flat 37
```

Ẹni tó bá yára wò ó á sọ pé iṣẹ́ tó mọ́ ni. Kò sí ìlà tí wọ́n fò, kò sí àpótí tó ṣófo. Síbẹ̀, nínú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tí àṣìṣe kò sí, ibi tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ti wá yàtọ̀ síra. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù. Àkọ́kọ́ ni àwọn àkọlé tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì. Ọ̀rọ̀ èdè lásán ni ìwọ̀nyẹn, títúmọ̀ ló tọ́ sí wọn. Èkejì ni ohun tí olúwarẹ̀ kọ sínú àpótí. Orúkọ tó kọ síbẹ̀ ń tọ́ka sí ẹnì kan, àdírẹ́sì ń tọ́ka sí ibì kan, iṣẹ́ ìtọ́ka yìí nìkan ló wà fún. Irú èyí, a kì í túmọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ la ń pààrọ̀, láti inú Sìrílíìkì, lẹ́tà tí àwọn ará Yukiréènì fi ń kọ̀wé, sí Látìn tí àwa náà ń lò, kí ẹni tí kò lè ka Sìrílíìkì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé orúkọ kan náà ló wà lórí gbogbo ìwé. Ògbufọ̀ àkọ́kọ́ mọ èdè náà dáadáa, ìyẹn hàn. Ohun tí kò ṣe ni pé kò dúró wo oríṣi ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kó tó mú kálàmù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Hope, nítorí òun ló hàn jù. Надія túmọ̀ sí ìrètí ní tòótọ́. Ọkọ obìnrin náà tilẹ̀ gbè sẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ṣebí Hope náà ni gbogbo wa ń pè é nílé." Mo ní, "Mo gbọ́, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń pè é nílé kò sí nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀." Bí ọmọ wa kan bá ń jẹ́ Ìrètí, tó wá lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, tí akọ̀wé ibẹ̀ sì kọ ọ́ ní ìrètí ní èdè tiwọn, ọmọ náà ti di ẹlòmíràn lójú gbogbo ìwé tó mú dání láti ilé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún Nadiia. Віра, tó túmọ̀ sí ìgbàgbọ́, àti Любов, tó túmọ̀ sí ìfẹ́, wà nínú ewu kan náà, nítorí orúkọ èèyàn tó tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n. Ẹni tó mọ èdè ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ ni irú wọn ń tàn, torí òun ló ń gbọ́ ìtumọ̀ nínú orúkọ.

Kí n tó kọ orúkọ kankan, mo ní kí ọkọ rẹ̀ bá mi ya ojú ìwé tó ní àwòrán nínú pásípọ́ọ̀tù ìyàwó rẹ̀. Èyí ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú irú iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn. Lẹ́tà Látìn tí ìjọba orílẹ̀-èdè ẹni bá ti fi kọ orúkọ rẹ̀ ló ń borí àtẹ ìpààrọ̀ lẹ́tà èyíkéyìí tí ògbufọ̀ lè mú jáde látinú àpótí rẹ̀. Ìlà kìíní nínú ìlà méjì tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé yẹn, èyí tí ẹ̀rọ ń kà, rí báyìí:

```
P<UKRZGHURSKA<<NADIIA<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<<
```

Lẹ́yìn `UKR` ni orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀. Àmì `<<` ló ya orúkọ ìdílé sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àwọn `<` tó kù sì wà láti kún ìlà dé lẹ́tà mẹ́rìnlélógójì. Nǹkan kan wà nípa ìlà yìí tí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ kò fiyè sí. Àwọn nọ́ńbà àyẹ̀wò tó wà nínú ìlà kejì ń ṣọ́ nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé máa kú. Wọn kò ṣọ́ orúkọ rárá. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tẹ̀, ẹ̀rọ lè pariwo. Bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan nínú orúkọ tẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá yín mọ̀. Ojú èèyàn ló gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà wé lẹ́tà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì tún fi ìlà ẹ̀rọ wé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sókè ojú ìwé kan náà.

Pásípọ́ọ̀tù sọ pé ZGHURSKA, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé ZHURSKA. Lẹ́tà kan péré ló fò, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe fò. Ìpinnu nọ́ńbà 55 tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Yukiréènì ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2010 ló ní àtẹ tí wọ́n ń lò. Nínú àtẹ yẹn, г di `h`. Ibi yìí ni èdè Yukiréènì ti yà kúrò lọ́dọ̀ èdè Rọ́ṣíà, nítorí lọ́dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà, `g` ni lẹ́tà kan náà ń dà. Ògbufọ̀ àkọ́kọ́ mọ èyí, ó sì tẹ̀ lé e: з di `z`, г di `h`, gbogbo rẹ̀ di `Zhurska`. Wàhálà ibẹ̀ ni pé `zh` ti ní olúwa tirẹ̀ nínú àtẹ náà. Ж ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ dá `Zhurska` padà sí Sìrílíìkì yóò kọ Журська, ìdílé mìíràn pátápátá. Àwọn tó ṣe àtẹ rí èyí ṣáájú, ni wọ́n bá fi òfin kékeré kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: níbikíbi tí з àti г bá ti tẹ̀ léra, `zgh` ni ká kọ. Ẹni tó bá ka àtẹ láti òkè, tí kò ka àlàyé ìsàlẹ̀, yóò ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe tọ́, yóò sì tún ṣìnà.

Àtẹ náà fúnra rẹ̀ ló tún sọ pé lẹ́tà kan náà lè yàtọ̀ bó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ю ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ `Yu`, níbòmíràn ó jẹ́ `iu`. Я ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ `Ya`, níbòmíràn `ia`. Ìdí tí Надія fi di `Nadiia` pẹ̀lú `i` méjì nìyẹn: ọ̀kan jẹ́ ti і, èkejì bá я wá. Mo ti rí ògbufọ̀ tó rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe, tó wá bá wọn yọ `i` kan. Ẹ má yọ ọ́.

Ìlà kẹta kò ní àṣìṣe nínú orúkọ, àkọlé ló wọ́. По батькові kì í ṣe orúkọ àárín. Orúkọ tí wọ́n mú jáde láti ara orúkọ bàbá ni: Юрій ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, òun sì ni ọmọbìnrin Юрій. Ìwé ìrìnnà tí wọ́n fi ń jáde ní Yukiréènì kì í gbé orúkọ yìí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i nínú ìlà ẹ̀rọ yẹn. Nígbà tí ògbufọ̀ sọ ọ́ di orúkọ àárín, akọ̀wé ọ́fíìsì ka orúkọ mẹ́ta lórí fọ́ọ̀mù, ó ka méjì lórí pásípọ́ọ̀tù, ó sì béèrè ibi tí ẹ̀kẹta gbé lọ. Mo yí àkọlé náà sí `Patronymic`, mo fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà nínú àpótí tirẹ̀, n kò sì jẹ́ kó wọ inú orúkọ ní kíkún níbòmíràn nínú ìtumọ̀.

Ojú ìwé kejì ló fún mi ní iṣẹ́ jù. Lókè rẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tó ń béèrè, obìnrin náà fi lẹ́tà alásopọ̀ kọ ọ́ pé `від Згурської Надії Юріївни`. Від túmọ̀ sí "láti ọ̀dọ̀", òun ló sì mú kí ìparí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí padà, nítorí ní èdè yẹn, orúkọ èèyàn máa ń yí ìparí rẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn bá yí. Ògbufọ̀ àkọ́kọ́ kọ `from Zhurskoi Hope` síbẹ̀. Ó dà bíi pé èèyàn méjì ló buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan: Zhurska lójú ìwé kìíní, Zhurskoi lójú ìwé kejì. Pípààrọ̀ lẹ́tà nìkan kò tó níhìn-ín. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá orúkọ padà sí bó ṣe máa ń wà lórí ìwé ìbí, kí ẹ tó gbé e sí Látìn. Згурської padà di Згурська, Надії padà di Надія, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá di `Zghurska` àti `Nadiia`. Bí ẹ bá rí ìparí `-oi` tàbí `-ii` lórí orúkọ obìnrin nínú ìtumọ̀ kan, ẹ dúró, kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí àdírẹ́sì, níbi tí oríṣi ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọnú ara wọn. `м.` jẹ́ ìkékúrú ìlú ńlá, `вул.` jẹ́ òpópónà, `буд.` jẹ́ ilé, `кв.` jẹ́ fúláàtì. Ọ̀rọ̀ èdè ni gbogbo wọn, a lè túmọ̀ wọn. Харків àti Садова jẹ́ orúkọ, lẹ́tà wọn la ó pààrọ̀. Садова wá láti ara ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ọgbà, òótọ́ ni, àmọ́ kò sí òpópónà kankan ní ìlú yẹn tó ń jẹ́ `Garden Street`. Ẹni tó bá wá a lórí máàpù kò ní rí i, lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ yóò sì rìn gbéregbère. `Kharkov` ní tirẹ̀ jẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìlú náà ní èdè Rọ́ṣíà. Fọ́ọ̀mù tó wà níwájú wa kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Харків ni obìnrin náà kọ, `Kharkiv` ni àtẹ sì fún wa.

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn 14 ló le jù lọ nínú gbogbo fáìlì yìí, bó ti wù kó kéré tó. В ti Sìrílíìkì dà bí `B` ti Látìn lójú, kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè rí. Àmọ́ ìró `v` ló ní. Àwọn ilé tó bá pín nọ́ńbà kan ní àdúgbò yẹn ń tẹ̀ léra ní А, Б, В. Nígbà tí ògbufọ̀ kọ `14-B`, ẹni tó mọ ètò yẹn yóò rò pé Б ló ń wí, ìyẹn ilé kejì, nígbà tó jẹ́ pé ilé kẹta ni obìnrin náà ń gbé. `14-V` ló tọ́.

Mo tún ṣe àyẹ̀wò kan tí kò hàn lórí ìwé. Nínú fáìlì tí ògbufọ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀, `B` yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ti Látìn. Ó ti yí kíbọọ̀dù rẹ̀ sí Sìrílíìkì láti tẹ nǹkan, ó sì gbàgbé láti yí i padà. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà `U+0412` ni èyí ń jẹ́, `U+0042` sì ni ti Látìn. Akọ̀wé tó bá tẹ `14-B` láti wá fáìlì náà kò ní rí i láéláé. Ìdánwò tó rọrùn ni pé kí ẹ tẹ lẹ́tà kan náà fúnra yín nínú àpótí ìwákiri, kí ẹ wo bóyá kọ̀ǹpútà máa rí i nínú ohun tí wọ́n ti tẹ̀. А, Е, К, М, Н, О, Р, С, Т àti Х ń tan èèyàn bákan náà.

Kí ló jẹ́ kí n gbà pé В ni mo ń wò, tí kì í ṣe nọ́ńbà 8? Fọ́tò ni a ní, a kò ní ìwé fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yà á lábẹ́ iná, iná sì ta sí ibi tí àdírẹ́sì wà gan-an, ó pa ìdajì lẹ́tà náà rẹ́. Bó bá jẹ́ `14-8` ni, ohun mìíràn ló máa túmọ̀ sí: ilé 14, fúláàtì 8, nítorí báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ké àdírẹ́sì kúrú lọ́hùn-ún. Nǹkan méjì ló tú u fún mi. Èkíní, `кв. 37` tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó ń gbé fúláàtì méjì nínú ìlà kan. Èkejì, obìnrin náà fi lẹ́tà ńlá kọ ЮРІЇВНА lókè, В wà nínú rẹ̀, mo sì fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn В rẹ̀ dúró gbọọrọ, nígbà tí 8 tó kọ nínú ọjọ́ ìbí rẹ̀ yí po. Síbẹ̀, mo ní kí wọ́n tún fọ́tò náà yà lójú fèrèsé, lọ́sàn-án, láìsí iná fóònù. Ó jáde bí mo ṣe rò ó. Ká ní ìwé náà kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́ ni, mi ò bá kọ `14-[V?]`, kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé fọ́tò ló ṣókùnkùn. Àbá tí a kò sàmì sí ni ọ́fíìsì ń kà sí òótọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá pa rẹ́ nínú fọ́tò ló ń dun ni. Àmì rírọ̀ ь tó wà nínú ЗГУРСЬКА kì í wọ inú Látìn lábẹ́ àtẹ 2010, nítorí náà bó hàn bí kò hàn, orúkọ kò yí. Àmì méjì orí ї tó wà ní àárín ЮРІЇВНА náà rí bẹ́ẹ̀, torí і àti ї ń di `i` kan náà níbẹ̀. Ìkọ́ kékeré tó wà lórí ґ ni kó máa ba yín lẹ́rù: tó bá wà, `g` ni, bí iná bá pa á rẹ́, ẹ ó kọ `h`. Nínú lẹ́tà alásopọ̀ ẹ̀wẹ̀, т lè dà bí `m`, и sì lè dà bí `u`. Ẹni tí kò mọ̀ yóò kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ti bó ṣe yẹ ká to àdírẹ́sì, mo fi í sílẹ̀ bí obìnrin náà ṣe tò ó, láti ìlú wá sí fúláàtì: `Kharkiv, Sadova Street, house 14-V, flat 37`. Ìtumọ̀ ìwé ni a ń ṣe, a kò kọ àpò ìwé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbẹ̀ ni, `vul. Sadova` ni mo máa yàn dípò `Sadova Street`, torí ẹni tó ń pín lẹ́tà ní Kharkiv ló máa kà á kẹ́yìn, mo sì máa kọ Sìrílíìkì rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti yí orúkọ òpópónà padà lẹ́yìn tí olúwarẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, torí láti 2015 ni Yukiréènì ti ń yọ orúkọ ìgbà Soviet kúrò lára òpópónà wọn. Ohun tó wà nínú fọ́tò ni kí ẹ kọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ láti bá wọn tún un ṣe.

Ẹnì kan nínú wa béèrè pé bó bá jẹ́ èdè Yorùbá ni wọ́n fẹ́ ẹ sí ńkọ́, ṣé a kò ní kọ Nàdíyà? Nínú ìròyìn tàbí ìtàn, ẹ kọ ọ́, kí òǹkàwé lè pè é. Nínú àpótí orúkọ lórí fọ́ọ̀mù, rárá. `Nadiia` ló máa wà níbẹ̀ láìsí àmì ohùn, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, torí kò sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kankan tó máa fi Nàdíyà wá a.

Ó ku ìwé kan. Obìnrin náà ti gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣáájú 2010, apá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì kọ `Zgurska Nadiya`. Ọkọ rẹ̀ ní kí n bá òun tún un ṣe kó lè bá ìyókù mu. N kò lè ṣe é, nítorí ohun tí ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà, mo sì fi àlàyé ògbufọ̀ sí ìsàlẹ̀ pé orúkọ Sìrílíìkì kan náà, Згурська Надія, ló wà lórí ìwé ẹ̀rí, fọ́ọ̀mù àti ìwé ìrìnnà, pé ìyàtọ̀ àtẹ lẹ́tà ló fa ìyàtọ̀ Látìn wọn, àti pé ti ìwé ìrìnnà ni mo lò nínú ìtumọ̀ fọ́ọ̀mù. Lórí Hope, mo fi àpótí kan hàn án lójú ìwé kejì, níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ mìíràn tí wọ́n mọ olúwarẹ̀ sí. Ó ṣófo. Bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ kọ Hope síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kó mú kálàmù, kó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò mìíràn wá.